Agirimẹ́ǹtì Tí O Fẹ́ Fọwọ́ Sí Ní Agílítì

Ọmọ mi, mo ti rí àdàkọ agirimẹ́ǹtì tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, lápá Agílítì ní Máìlì 12. ₦900,000 lọ́dún ni owó ilé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. O ní ajẹ́ǹtì sọ pé kí o fọwọ́ sí i kó tó di Sátidé, nítorí pé ẹni mẹ́ta mìíràn ti mú owó lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń wá ilé láti Òjótà títí dé Ìkòsì nìyẹn. Àdàkọ ṣì ni ìwé náà, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí i. Ìsinsìnyí tí owó rẹ ṣì wà lápò rẹ ni wọ́n lè gbọ́ ohun tí o bá fẹ́ kí wọ́n yí padà. Bí wọ́n bá ti ka owó tán, wọn yóò ní ohun tí gbogbo ayálégbé tó kù gbà nìyẹn.

Kí o tó mọ ohun tó yẹ kí o béèrè, ó yẹ kí o mọ bí òfin ṣe ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Òfin Ìyálégbé tí wọ́n ṣe ní 2011, nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti àgbègbè GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Kòṣọ̀fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀: Kétu, Ìkòsì, Ògùdù, Máìlì 12 àti Agílítì tìrẹ náà. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ti gbọ́ nípa òfin yìí, wọ́n sì rò pé kò sí ohun tí ìwé onílé lè ṣe tí òfin kò ní gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ibi tí agirimẹ́ǹtì bá ti dákẹ́ ni òfin ti ń sọ̀rọ̀. Ibi tí agirimẹ́ǹtì bá ti sọ tirẹ̀, tí o sì ti fọwọ́ sí i, òfin a gbà pé ohun tí ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo fi ka ìwé rẹ. Mo wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ jù, tó fi gba ohun tí òfin ì bá fún ọ. Mo tún wo ibi tó ti dákẹ́ lórí ohun tó yẹ kí onílé ṣe.

Ibi tó ti sọ̀rọ̀ jù ni ẹsẹ 2 àti ẹsẹ 11. Ibi tí wọ́n wà jìnnà síra, o sì lè ka méjèèjì láìmọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ẹsẹ 2 ní ọdún kan péré ni ìyálégbé rẹ, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, àti pé yóò parí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ 11 ní o ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ sí nótíìsì láti kó jáde, pé ọjọ́ méje péré ni onílé yóò fi kìlọ̀ fún ọ.

Wo ohun tí òfin ì bá fún ọ ká ní ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa nótíìsì, tó sì jẹ́ pé ọdọọdún lò ń sanwó. Òfin ní ẹni tó ń gbé ilé láti ọdún dé ọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń san oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà yóò gba oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san lóṣooṣù yóò gba oṣù kan. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin fi ṣáájú gbogbo èyí ni pé ó kan ibi tí kò bá ti sí àdéhùn nípa nótíìsì nìkan. Ìwọ ti fẹ́ ṣe àdéhùn, ọjọ́ méje sì lo fẹ́ gbà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin yẹn kan náà sọ pé bí ìyálégbé bá ní ọjọ́ tó dájú tí yóò parí, tí ọjọ́ náà sì pé, kò di dandan kí onílé tún fún ayálégbé ní nótíìsì láti kó jáde. Ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù láti gba ilé òun ló kù tí yóò fún un.

Jẹ́ ká fi oṣù kà á. Lábẹ́ oṣù mẹ́fà, bí onílé bá fẹ́ kí o jáde ní ìparí oṣù kẹjọ, ìwé gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí oṣù kejì tó parí. Bí ó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún kó tó fún ọ, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni yóò pé, nítorí òfin gbà kí nótíìsì náà parí lẹ́yìn ọjọ́ ọdún. O ti ní àkókò láti tọ́jú owó, láti wá ilé, láti jẹ́ kí ọmọ parí sáà ìwé. Lábẹ́ ẹsẹ 2 àti 11, onílé lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ọdún yóò fi pé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, kó fún ọ ní ìwé ọjọ́ méje. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, ó lè ti gbé ìwé ẹjọ́ lọ sí kóòtù Májísíréètì. Má ṣi èyí gbọ́ o: ọjọ́ méje kì í ṣe ọjọ́ tí wọn yóò kó ẹrù rẹ síta. Kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ kí o jáde, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ló sì ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwọ náà yóò máa wá lọ́yà, owó yóò sì máa lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù, pé lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò rí àléébù lára nótíìsì onílé, ẹjọ́ náà yóò sì wọ́ fún ọdún púpọ̀. Àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ iléeṣẹ́ Pillars àti Desbordes, tó jẹ́ ẹjọ́ ilé ní Èkó níbí. Adájọ́ Helen Ògúnwùmíjù tó ka ìdájọ́ náà bínú sí bí àwọn ayálégbé ṣe ń fi àṣìṣe inú nótíìsì sá pamọ́ lórí ilé onílé. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé bí onílé bá ti gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ sí kóòtù, tí wọ́n sì ti fi jíṣẹ́ fún ayálégbé, ó ti tó nótíìsì, ìbáà jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ ní àbùkù. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìdájọ́ yẹn, nítorí mo ti rí onílé tí ayálégbé fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí fún ìwọ ni pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé kọ́ ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ààbò. Inú ìwé yìí ni kí o ti wá a.

Ohun tí wàá béèrè ni kí wọ́n yọ ẹsẹ 11, kí ẹsẹ 2 sì ka báyìí: ọdún kan ni, yóò sì máa lọ láti ọdún dé ọdún, àfi bí ẹnì kan nínú wa bá fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù mẹ́fà lórí ìwé. Kíyè sí i pé mo kọ ẹnì kan nínú wa. Àdàkọ rẹ ní bí ìwọ bá fẹ́ jáde, oṣù mẹ́ta ni wàá fi sọ fún onílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni tirẹ̀ sí ọ. Kò sí onílé tó lè ṣàlàyé èyí lójú ẹlòmíràn kí ojú má tì í. Ìyẹn gan-an ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ibi tí ìwé náà ti dákẹ́. Ẹsẹ 6 ni, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ó kọ ọ́ pé ìwọ ni wàá máa tún gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé àti lára ilé ṣe, ohun yòówù kó fà á. Kò sí ibì kankan nínú ìwé ojú ewé mẹ́rin yẹn tí wọ́n ti sọ ohun tí onílé yóò tún ṣe. Òrùlé ńkọ́? Ṣáláńgá ńkọ́? Kànga, ògiri ìta, gọ́tà tó yí ilé ká ńkọ́? Lábẹ́ òfin, iṣẹ́ ayálégbé ni láti tọ́jú inú ilé dáadáa, láìka ohun tó gbó fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ onílé ni ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Òfin ní kí onílé san owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé pẹ̀lú, kó sì ní ìbánigbófò lórí ilé náà. Ṣùgbọ́n níbí náà, òfin fàyè gba agirimẹ́ǹtì láti yí i padà, ohun tí ẹsẹ 6 sì fẹ́ ṣe nìyẹn pẹ̀lú gbólóhùn kékeré yẹn, ohun yòówù kó fà á.

Ní Agílítì, omi ni yóò fà á. O kò dàgbà sápá ibí, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Odò Ògùn ń kọjá lẹ́yìn Máìlì 12 lọ sínú ọ̀sà. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n bá sì tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀ láti Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò yẹn a kún. Agílítì, Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, Ìtòwòló àti Ọwọ́dẹ Onírin ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ló sábà máa ń le jù. Wo ọjọ́ tí ìyálégbé rẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, tún lọ wo ilé náà lójú mọmọ, láìmú ajẹ́ǹtì dání. Wọ́n ti kun ún, mo mọ̀. Wo ìsàlẹ̀ ògiri, bóyá ọ̀dà ibẹ̀ ń hó tàbí ó ń dà bí iyọ̀ funfun. Wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn onípákó bóyá ó ti wú, kí o sì wo ìsàlẹ̀ irin ojú fèrèsé bóyá ó ti dípẹtà nígbà tí òkè rẹ̀ ń dán. Bí o bá rí i pé wọ́n gbé ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ sókè dé itan, tàbí pé wọ́n fi búlọ́ọ̀kù méjì sé ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá, àwọn tó gbé ibẹ̀ ti bá omi jà rí. Lẹ́yìn náà, kí ìyá tó ń ta nǹkan níwájú ilé, kí o bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lomi dé lọ́dún tó kọjá?” Wọn yóò fọwọ́ hàn ọ́ lára ògiri.

Bí omi bá ń wọ ibẹ̀, tí o sì ṣì fẹ́ ilé náà nítorí owó rẹ̀ àti nítorí iṣẹ́ rẹ ní ọjà, mi ò ní dá ọ lẹ́kun. Ọ̀pọ̀ èèyàn rere ló ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yọ ohun yòówù kó fà á, kí wọ́n kọ ọ́ pé àtúnṣe ohun tí àgbàrá, iná tàbí ìjì bá bà jẹ́ lára ilé wà lọ́rùn onílé, pẹ̀lú òrùlé, ṣáláńgá àti ògiri ìta. Ìkejì, kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ilé bí omi bá lé ọ jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ìwé bá dákẹ́ lórí èyí, owó ilé yóò máa kà lọ bó o tilẹ̀ ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Sọ pé kí wọ́n fi iye ọjọ́ tí ilé kò ṣeé gbé kún òpin ọdún rẹ. Ìyẹn rọrùn fún onílé láti gbà ju kó dá owó padà lọ. Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ àtúnkọ́. Ayálégbé ní Agílítì kì í pẹ́ tí yóò fi ra yanrìn, tí yóò gbé ilẹ̀ sókè, tí yóò sì mọ ògiri kékeré sí ẹnu ọ̀nà. Òfin 2011 sọ pé bí onílé bá ti fi ìwé gbà kí o ṣe é ṣáájú, tí ó sì wá gba ilé rẹ̀, ó yẹ kó san owó ohun tí o fi kún ilé náà fún ọ nígbà tí o bá ń lọ. Láìsí ìwé ìyọ̀ǹda yẹn, ọwọ́ òfo lo máa gbé lọ, ó tún lè ní o ba ilé òun jẹ́. Lẹ́tà ojú ewé kan tí onílé fọwọ́ sí ti tó.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ajẹ́ǹtì ní kí o mú ₦1,180,000 wá: ₦900,000 owó ilé, ₦90,000 agirimẹ́ǹtì, ₦90,000 owó ajẹ́ǹtì, ₦100,000 kọ́ṣọ̀n. Ọdún kan péré ni owó ilé tí wọ́n béèrè, ó dára. Ẹni tó bá béèrè owó ilé tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ti rú òfin. Rìsíìtì owó ilé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí o sanwó, orúkọ rẹ àti ti onílé, ibi tí ilé wà, iye owó àti ìgbà tí owó náà wà fún. Kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó ń dùn mí nínú àdàkọ yìí ni ẹsẹ 8, tó ní onílé yóò dá kọ́ṣọ̀n padà bí ó bá ti rí i pé ó yẹ. Ta ni yóò wá sọ pé ó yẹ? Béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí o bá dá kọ́kọ́rọ́ padà ni wọn yóò san án, àti pé bí wọ́n bá yọ nǹkan, kí wọ́n kọ ohun tó bàjẹ́ àti iye rẹ̀ fún ọ. Ọ̀dà tó ṣá kò sí lára ohun tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́, ya fọ́tò gbogbo igun ilé, fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹsẹ 9 ní bí owó ilé bá pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, onílé lè ti ilẹ̀kùn, kó sì di ẹrù rẹ mú. Ní kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kó ọ láyà sókè. Onílé tó bá fi agbára lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ kóòtù ti ṣẹ̀ sí òfin ìpínlẹ̀ yìí, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò sí agirimẹ́ǹtì tó lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ohun tó tọ́. Ní ti ibi tí àdàkọ náà ti ní wọ́n lè fi owó ilé kún bó bá ṣe wù wọ́n, béèrè pé kí wọ́n sọ fún ọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Bí èyí tí wọ́n fi kún bá wá pọ̀ kọjá ààlà, òfin fún ayálégbé tó ti ń gbénú ilé láyè láti lọ bi kóòtù, kóòtù yóò sì wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò.

Ohun kan tún kù tí kò sí nínú ẹsẹ kankan. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí onílé ni ẹni tí ajẹ́ǹtì ń pè ní Alhaji, ṣùgbọ́n o ní ìyá kan sọ fún ọ pé ilé bàbá wọn ni, àwọn ọmọ sì pọ̀. Bí ilé ẹbí bá ni, rí i pé ìwé wà tí àwọn yòókù fi yọ̀ǹda fún un láti gba owó, kí ẹnìkan má baà tún dé ní oṣù kejìlá láti wá béèrè owó tirẹ̀. Mo ti rí i ní Kétu tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayálégbé san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì.

Má fi ọ̀rọ̀ yìí rán ajẹ́ǹtì. Lọ bá onílé fúnra rẹ, kí o kí i dáadáa, jókòó, kí o sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ka ìwé yín, mo fẹ́ ilé náà, àwọn ibi díẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.” Kọ wọ́n sí ojú ewé kan, dípò kí o máa rò wọ́n láti orí. Ohun tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí lọ́yà tó kọ àdàkọ tún un tẹ̀. Bí wọ́n bá fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ibẹ̀ gan-an lórí ẹ̀dà méjèèjì, kí ẹ̀dà kan sì bá ọ lọ sílé. Bí o bá fẹ́ kí ẹlòmíràn tó mọ òfin kà á kí o tó lọ, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Citizens’ Mediation Centre náà kì í gba owó láti parí ìjà onílé àti ayálégbé. Bi wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú ibi tí àbádòfin ìyálégbé tuntun tó dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ní 2025 dé dúró, nítorí òfin 2011 ni gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lé.

Onílé kò ní gba gbogbo rẹ̀. Lórí nótíìsì, bí ó bá kọ oṣù mẹ́fà, gba oṣù mẹ́ta, kó sì jẹ́ oṣù mẹ́ta fún ẹ̀yin méjèèjì. Lórí kọ́ṣọ̀n, bí ó bá ní oṣù kan ni òun yóò fi dá a padà dípò ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbà. Àmọ́ bí ó bá kọ̀ láti yọ ohun yòówù kó fà á kúrò nínú ẹsẹ 6, tí ìyá iwájú ilé sì ti fọwọ́ hàn ọ́ ibi tí omi dé, pè mí kí o tó sanwó, a óò jọ lọ wo àwọn ilé tó wà lókè lápá Ìkòsì.